Owó Kékeré Tí Káàdì Ń Béèrè, àti Èlé Tó Ń Tẹ̀lé E

Lóṣooṣù ni báńkì tó fúnni ní káàdì kírẹ́díìtì ní Amẹ́ríkà máa ń fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ sí oníkáàdì, ì báà jẹ́ nínú àpòòwé tàbí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé náà, àmọ́ ohun mẹ́ta ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ sí. Àkọ́kọ́ ni gbogbo gbèsè tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa ìṣirò oṣù náà dé. Statement balance ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkejì ni iye tó kéré jù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni lóṣù yẹn, wọ́n á kọ Minimum payment due sí i. Ẹ̀kẹta ni gbèdéke, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Payment due date.

Owó àkọ́kọ́ lè jẹ́ dọ́là 1,200, kí èkejì sì jẹ́ dọ́là 35 péré. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta dé, tó jẹ́ pé káàdì tó ń fa owó òun fúnra rẹ̀ jáde nínú àkáǹtì ló mọ̀ nílé, á wo dọ́là 35 yẹn, á ní iye tí wọ́n béèrè nìyẹn, á sì san án kí gbèdéke tó pé. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Nígbà tí ìwé oṣù tó tẹ̀ lé e bá dé, á rí i pé èlé ti wọ orí gbèsè náà, á wá máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun ṣe.

Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un ni pé ìyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí káàdì yìí. Ọ̀kan ni owó ìtanràn, tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ san. Èkejì ni èlé, tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò san tán. Ìsanwó tó kéré jù ń gbani lọ́wọ́ owó ìtanràn nìkan. Kò gbani lọ́wọ́ èlé rárá. Sísan gbogbo gbèsè inú ìwé ìṣirò kí gbèdéke tó kọjá nìkan ló ń gbani lọ́wọ́ méjèèjì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń sanwó dáadáa, tí wọn kì í jẹ́ kí ọjọ́ ó yẹ̀, ló sì máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti san ohun tí wọ́n béèrè kò jẹ gbèsè ìyà kankan mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹnì kan pàtó. Àpẹẹrẹ lásán ni, àmọ́ bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe. Èlé orí káàdì rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ọjọ́ kìíní oṣù ni báńkì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, wọ́n á pa á dé lọ́jọ́ tí oṣù bá parí, ọjọ́ 25 oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni gbèdéke. Nọ́ọ̀sì yìí ti san gbèsè oṣù kejì tán pátápátá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ó fi káàdì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó, dọ́là 1,200, kò sì ra ohun mìíràn lóṣù náà.

Nígbà tí oṣù kẹta parí, ìwé ìṣirò jáde: dọ́là 1,200, kó san án kí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin tó kọjá. Bó bá san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ 25 yẹn, èlé rẹ̀ jẹ́ òfo. Ẹ ka ọjọ́ wò: láti ọjọ́ kẹta oṣù kẹta sí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin jẹ́ ọjọ́ 53. Fún ọjọ́ 53 ni báńkì fi yá a lówó láìgba sẹ́ǹtì kan. Bí oníṣòwò tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń tà á láwìn fún un títí di ìparí oṣù ló rí, tí kò sì ní fi nǹkan lé e bó bá kó gbogbo owó wá lọ́jọ́ àdéhùn. Àsìkò tí kò sí èlé yìí ni n ó máa pè ní àsìkò oore.

Báńkì ni òfin Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ fún bóyá wọ́n á fúnni ní àsìkò oore. Bí wọ́n bá ti lè sọ pé àwọn ń fúnni, òfin wá sọ bí yóò ṣe rí. Òfin tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2009 ló yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà. Ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n lè fi sáàárín ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ àti gbèdéke, tí lẹ́tà bá sì pẹ́ lọ́nà, ó ti di wàhálà oníkáàdì. Òfin náà sọ ọ́ di ọjọ́ 21, ó kéré tán. Ó tún ní kí gbèdéke máa bọ́ sí ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kí wọ́n má máa sún un síwá sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ oníkáàdì lè yẹ̀. Bí gbèdéke bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi tí báńkì kì í gba lẹ́tà, owó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ tó sì dé lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e kò pẹ́. Owó tó dé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbèdéke tó lù, ó dé lásìkò.

Ohun kan wà tí àsìkò oore kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ki káàdì kírẹ́díìtì bọ ẹ̀rọ ATM, tó fi fa owó jáde, ọjọ́ náà gan-an ni èlé ti bẹ̀rẹ̀ lórí owó yẹn, èlé rẹ̀ sì sábà máa ń ju ti ọjà lọ. Báńkì á tún gba owó iṣẹ́ sí i. Kó san gbogbo gbèsè lọ́jọ́ gbèdéke kò ní kí èlé àwọn ọjọ́ tó ti kọjá má wà. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé nílé, ATM ni a kọ́kọ́ mọ káàdì mọ́, ọwọ́ ẹni á sì fẹ́ lọ síbẹ̀ bí owó bá tán nílé.

Ó wá kù nípa ìsanwó tó kéré jù. Báwo ni báńkì ṣe dé orí dọ́là 35? Ìlànà wọn yàtọ̀ síra díẹ̀díẹ̀, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á mú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè, wọ́n á fi èlé oṣù náà kún un, wọ́n á fi owó ìtanràn kún un bó bá wà. Bí àròpọ̀ yìí kò bá tó iye kan tí wọ́n ti là sílẹ̀, irú bíi dọ́là 35, iye tí wọ́n là sílẹ̀ náà ni wọ́n á béèrè. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là 1,200 jẹ́ dọ́là 12, èlé kò tíì sí, nítorí náà dọ́là 35 ni.

Ẹ wo ohun tí ìlànà yìí túmọ̀ sí. Ó ń rí i dájú pé gbèsè ń dín kù lóṣooṣù, àmọ́ ó ń dín kù bí òkè yìnyín tí ń yọ́ nínú ìjì òtútù. Ní ìgbà kan, àwọn báńkì kan ń béèrè iye tí kò tilẹ̀ tó èlé oṣù, tí gbèsè fi ń pọ̀ sí i bí ènìyàn ti ń san án. Ní ọdún 2003 ni àwọn aláṣẹ tó ń ṣàbójútó báńkì ní Amẹ́ríkà sọ fún wọn pé owó tí wọ́n bá ń béèrè gbọ́dọ̀ lè san gbèsè tán láàárín àsìkò tó bọ́gbọ́n mu. Láti ìgbà náà ni ìdá kan lórí èlé ti di àṣà. Síbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì yìí kò bá ra nǹkan kan mọ́ láyé, tó kàn ń san iye tó kéré jù lórí dọ́là 1,200 rẹ̀, yóò san án fún nǹkan bíi oṣù 58, ọdún márùn-ún ó dín díẹ̀. Gbogbo owó tí yóò jáde lápò rẹ̀ á lé ní dọ́là 2,000. Tíkẹ́ẹ̀tì tó fi rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí gbèsè bá tóbi, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí dọ́là 5,000 pẹ̀lú èlé kan náà, dọ́là 150 ni wọ́n á béèrè lóṣù àkọ́kọ́. Dọ́là 100 nínú rẹ̀ jẹ́ èlé, dọ́là 50 péré ló wọ inú gbèsè. Bí gbèsè bá sì ti ń dín kù ni iye tí wọ́n ń béèrè náà ń dín kù, ìyẹn ló ń fa ọjọ́ gùn. Ẹni tí kò bá san ju iye yẹn lọ, ó lé ní ọdún 16 kó tó bọ́, èlé tí yóò sì san á tó dọ́là 8,400 lórí dọ́là 5,000 tó yá. Ìyá wa ní ọ̀rọ̀ kan fún irú owó bẹ́ẹ̀, sọ́gúndogójì. Èyí tilẹ̀ kọjá ogójì.

Òfin ọdún 2009 kò fi èyí pamọ́ fún oníkáàdì. Ó pa á láṣẹ pé kí báńkì ya àpótí kékeré kan sínú ìwé ìṣirò, kí wọ́n kọ síbẹ̀ iye ọdún tí yóò gbà àti àpapọ̀ owó tí ènìyàn yóò san bó bá ń san iye tó kéré jù nìkan. Wọ́n á tún kọ iye tó lè máa san lóṣooṣù tí gbèsè náà fi máa tán lọ́dún mẹ́ta. Ti nọ́ọ̀sì wa á jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 47. Láàárín dọ́là 35 àti dọ́là 47, dọ́là 12 péré ló wà, owó oúnjẹ ọ̀sán kan ní Houston. Àmọ́ dọ́là 12 yẹn lóṣooṣù á gba nǹkan bíi dọ́là 350 lẹ́nu èlé, á sì gé ọdún méjì ó dín díẹ̀ kúrò. Nínú gbogbo ìwé ìṣirò, àpótí yìí ni mo máa ń rọ àwọn ènìyàn láti kọ́kọ́ wá.

Ká padà sórí oṣù kẹrin. Nọ́ọ̀sì san dọ́là 35 lọ́jọ́ 25, gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì ku dọ́là 1,165. Kò sí owó ìtanràn, nítorí kò pẹ́. Àmọ́ àsìkò oore ti fọ́. Ojoojúmọ́ ni báńkì ń ka èlé: wọ́n á pín ìdá 24 sí ọ̀nà 365, ohun tó bá jáde ni wọ́n á fi lu gbèsè tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lórí dọ́là 1,000, ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 66 lójúmọ́, tó bá sì di ọjọ́ kejì, èlé àná ti wà lára gbèsè tí wọ́n ń ka èlé òní lé lórí.

Níbí yìí òfin ṣe é lóore díẹ̀. Wọn kò lè padà lọ ka èlé oṣù kẹta fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè gba èlé lórí dọ́là 35 tó san láàárín àsìkò oore. Dọ́là 1,165 tó kù nìkan ni wọ́n lè ka èlé lé, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 23.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ló kù, òun ló sì ń jẹ wọ́n run díẹ̀díẹ̀ láìfura. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, nọ́ọ̀sì fi káàdì náà ra oúnjẹ sílé, dọ́là 300. Ó gbà pé ọjà tuntun nìyẹn, pé yóò ní àsìkò oore tirẹ̀ bíi ti tíkẹ́ẹ̀tì. Kò ní. Nígbà tí kò ti san ìwé tó ṣáájú tán, ọjà tuntun náà ti ń jẹ èlé láti ọjọ́ tó rà á. Èlé ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí dọ́là 300 jẹ́ dọ́là mẹ́rin àti sẹ́ǹtì díẹ̀. Owó náà kéré. Àmọ́ gbogbo ẹran, ìrẹsì, epo bẹntiróò tó bá fi káàdì yẹn rà láti ìsinsìnyí lọ ló máa jẹ èlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, títí di ìgbà tó bá tó san gbogbo ìwé tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá gbé gbèsè kọjá gbèdéke lórí káàdì kan, kó gbé káàdì náà sílẹ̀. Kó fi owó tirẹ̀ rajà, tàbí kó lo káàdì mìíràn tí kò sí gbèsè àtẹ̀yìnwá lórí rẹ̀, níbi tí àsìkò oore ṣì wà digbí.

Ìwé oṣù kẹrin wá jáde: dọ́là 1,165, dọ́là 300 ti oúnjẹ, àti èlé nǹkan bíi dọ́là 27. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,492. Iye tó kéré jù di dọ́là 42, nítorí èlé ti wà nínú ìṣirò rẹ̀ báyìí.

Oṣù karùn-ún ni ìpẹ́ wá ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ tẹ̀ léra wọn, ọjọ́ 25 kọjá, kò rántí. Báńkì bu owó ìtanràn dọ́là 30 lé e. Ìlànà ìjọba ló sọ iye tí báńkì lè gbà láìjẹ́ pé wọ́n ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2022 àti 2023, dọ́là 30 ni fún àkọ́kọ́, ó sì lè di dọ́là 41 bí ẹni náà bá tún pẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Owó ìtanràn kò sì gbọdọ̀ ju iye tó kéré jù tí ẹni náà kùnà láti san lọ. Ẹni tí wọ́n ní kó san dọ́là 20 tó pẹ́, dọ́là 20 ni òpin ìtanràn rẹ̀.

Iye yìí ti dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà nípa ètò ìnáwó ṣe ìlànà tuntun pé kí àwọn báńkì ńlá máa gba dọ́là mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ àwọn báńkì àti àwọn oníṣòwò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ kan ní Fort Worth, ní Texas kan náà, sì dá ìlànà náà dúró ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ fagi lé e pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ ìròyìn nígbà yẹn tó sì gbà pé ìtanràn ti di dọ́là mẹ́jọ, kó lọ wo ìwé àdéhùn káàdì rẹ̀.

Dọ́là 30 kọ́ nìkan ni ìpẹ́ fà. Èlé oṣù karùn-ún lórí gbogbo gbèsè jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 31, ìtanràn fúnra rẹ̀ sì ti wà nínú gbèsè tó ń jẹ èlé. Ìwé oṣù karùn-ún fi hàn pé ó jẹ dọ́là 1,553. Ẹ wá wo iye tó kéré jù: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, èlé oṣù náà, ìtanràn, àti dọ́là 42 oṣù tó kọjá tí kò san. Nǹkan bíi dọ́là 119 ni. Ẹni tí kò rí dọ́là 42 san ní oṣù karùn-ún ni wọ́n ń béèrè 119 lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń kúrò nílẹ̀ nìyí, tí oṣù kan fi ń di méjì.

Ó yẹ kí ẹni tó bá pẹ́ mọ ibi tí ewu gidi wà, kí ẹ̀rù ọjọ́ kan má mú un sá fún báńkì. Pípẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá máa ń fa ìtanràn, àmọ́ wọn kì í sábà kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń díwọ̀n bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè, àfi tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́. Ìyẹn ló ń ba orúkọ ẹni jẹ́ nígbà tó bá fẹ́ yá owó ilé tàbí ti ọkọ̀. Tó bá di ọgọ́ta ọjọ́, òfin gba báńkì láyè láti gbé èlé orí gbèsè tó ti wà nílẹ̀ sókè, ọ̀pọ̀ àdéhùn sì máa ń gbé e dé nǹkan bí ìdá 29.99. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣáájú kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a padà bí ẹni náà bá san lásìkò fún oṣù mẹ́fà tẹ̀léra lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹni tó rántí ní ọjọ́ 27 kó san lójú ẹsẹ̀. Kó má dúró de ìwé mìíràn.

Kó sì pe báńkì. Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, tó sì ti ń san dáadáa tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ báńkì á yọ ìtanràn náà bó bá fi sùúrù bẹ̀ wọ́n. Òfin kò fi dandan mú wọn, àmọ́ wọn kì í fẹ́ pàdánù oníbàárà rere nítorí dọ́là 30.

Bí nọ́ọ̀sì bá wá kó owó jọ, tó san dọ́là 1,553 pátá lọ́jọ́ 25 oṣù kẹfà, tí kò sì fi káàdì ra nǹkan kan lóṣù náà, ohun kan ṣì máa yà á lẹ́nu. Ìwé oṣù kẹfà á dé pẹ̀lú gbèsè nǹkan bíi dọ́là 25. Ó ti san tán, gbèsè wo ló tún kù? Èlé ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ni, kí owó rẹ̀ tó dé. Ìwé tó fi sanwó ti pa ìṣirò dé lópin oṣù karùn-ún, kò lè ní èlé àwọn ọjọ́ yẹn nínú. Mo ti rí àwọn tó gbà pé àṣìṣe ni, tí wọn kò ka ìwé náà sí, tí wọ́n tún fi jẹ ìtanràn lórí dọ́là 25. Ẹni tó fẹ́ yẹra fún un lè pe báńkì lọ́jọ́ tó fẹ́ san, kó béèrè iye tí yóò pa gbèsè rẹ́ pátápátá lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú èlé tó ti gùn ún.

Èlé oṣù mẹ́ta àti ìtanràn kan ti gba nǹkan bíi dọ́là 113 lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọjà dọ́là 1,500. Ká ní kò rí gbogbo dọ́là 1,200 san ní oṣù kẹrin, ohun kan tún wà tí ì bá ṣe: kó san ohun tó bá ní, kó sì san án kíákíá. Nígbà tí èlé ń gùn lójoojúmọ́, dọ́là 500 tó san lọ́jọ́ karùn-ún oṣù dípò ọjọ́ 25 á yọ dọ́là mẹ́fà àti ààbọ̀ kúrò nínú èlé oṣù kan ṣoṣo. Gbèdéke jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Kò sí ẹni tó ní kéèyàn dúró dè é.

Kí àsìkò oore tó padà, àwọn báńkì kan á ní kó san gbogbo ìwé tán lẹ́ẹ̀kan, àwọn mìíràn á ní ó di ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ó wà nínú ìwé àdéhùn káàdì, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọn kò ṣe ní gba èlé lórí ọjà.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tó dára jù ni kí ó jẹ́ kí báńkì máa fa owó náà fúnra wọn lóṣooṣù láti inú àkáǹtì rẹ̀. Orí fóònù, wọ́n á fún un ní ohun mẹ́ta láti yàn. Bó bá yan Minimum payment due, kò ní jẹ ìtanràn, àmọ́ èlé á máa gùn láìdáwọ́ dúró. Bó bá yan Current balance, wọ́n á fa gbogbo gbèsè tó wà nílẹ̀, títí kan ọjà àná tí ìwé rẹ̀ kò tíì jáde. Statement balance ni èyí tó ń pa àsìkò oore mọ́ láìfa owó kọjá bó ti yẹ. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò dúró lójú kan, tó ń bẹ̀rù pé àkáǹtì lè ṣófo lọ́jọ́ náà, kó yan iye tó kéré jù kí ìtanràn má bàa mú un, kó wá máa fọwọ́ ara rẹ̀ san ìyókù ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú gbèdéke, lẹ́yìn tí owó iṣẹ́ bá ti wọlé.